Réèkì Mi àti Páànù Ẹdúnàbọ̀n

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Mo jowú ọ̀rẹ́ mi débi pé tí mo bá ń kọjá ní Ẹdúnàbọ̀n, òdìkejì títì ni mo máa ń wò, kí n má baà rí páànù tuntun tó fi kan ilé ìyá rẹ̀. Ilé ìyá tèmi ní Òkèrèwè ṣì ń jò. Mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé owó póòkà, eré káàdì olówó tí mò ń ta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni màá fi kàn án kó tó di ìgbà òjò.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí la jọ háyà ilé ládùúgbò Mayfair. Òun ló fi líǹkì ránṣẹ́ tí mo fi wọ sáìtì tá a ti ń ta póòkà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn! Ìdíje lòun máa ń wọ̀: á san dọ́là mẹ́wàá sínú owó ẹ̀bùn, á fi dọ́là kan kún un fún onísáìtì, ó parí. Títí eré á fi tán, wọn ò tún ní gé kọ́bọ̀.

Tábìlì owó ni tèmi, ibi tí èèyàn ti lè dìde nígbà tó bá wù ú. Níbẹ̀, kí ẹni tó jẹ tó kó owó àárín tábìlì, onísáìtì á ti gé sẹ́ńtì márùn-ún nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, títí dé iye kan tí kò ní kọjá. Réèkì là ń pè é. Bí gbogbo wa bá ju káàdì sílẹ̀ sá, tó ku ẹnì kan, kí wọ́n tó ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ sórí tábìlì, wọn kì í gé nǹkan kan. Èmi sá kẹ̀? "Sẹ́ńtì márùn-ún, kí la fẹ́ fi ṣe?" Iye ìgbà tí mo jẹ ni mò ń kà.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Mo wí fún un lójú ara rẹ̀ pé oríire lásán ló ń jẹ.

Ó ní, "Wo àkọsílẹ̀ rẹ ná."

Mo tan láptọ́ọ̀pù. Lára àwọn tá a jọ ta, irínwó dọ́là ó lé mẹ́wàá ni mo jẹ. Réèkì tí wọ́n gé lọ́wọ́ mi jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ọgbọ̀n. Mo na gbogbo wọn, mo sì pàdánù ọgọ́fà dọ́là.

Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn, òmùgọ̀ èèyàn! "Ṣó o rí i pé mo mọ̀ ọ́n ta?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Má bínú. Nítorí líǹkì tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ, wọ́n ń fún mi ní ìdá kan nínú mẹ́rin réèkì rẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Háà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Dọ́là méjìlélàádóje àti ààbọ̀! Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo pé mo jẹ, òun náà ń jẹ nínú yàrá kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé òjò rọ̀. Mo wà ní Òkèrèwè, mò ń gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò. Màámi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ò tíì tutù.

Wọ́n ní, "Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ ti kan páànù sílé ìyá tiẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí. "Mo bá a dá owó sí i."