Òrùka Ọrùn Ìgò Lọ́fínńdà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi ní òwò lọ́fínńdà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Imú ni òun fi ń mọ ojúlówó. Bó bá ti fín in sí ẹ̀yìn ọwọ́, tó gbóòórùn rẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Èmi tí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tí n kò rí sójú, fọ́tò ni mo gbójú lé, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú kì í gbóòórùn.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Ọkùnrin kan gbé lọ́fínńdà olówó gọbọi wá bá a, páálí ńlá kan, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ lé e. Ó ti fín ọ̀kan wò, ó ní òun gan-an ni. Ó kàn fẹ́ kí n bá òun yọ̀ ni. Mo ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́ ná.

Nígbà tí fọ́tò dé, mo gbé ojúlówó irú ìgò náà kan kalẹ̀ lórí káńtà mi, mo ń fi wọ́n wéra. Ìlà tí dígí ti so pọ̀ jọ̀lọ̀, kò wọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ìdí ìgò bá ti páálí rẹ̀ mu. Díẹ̀ ló kù kí n ní ẹ̀gbọ́n mi jàre. Ṣùgbọ́n òrùka irin tó di ẹnu ìfín mọ́ ọrùn ìgò ní àpá ẹ̀mú lára, tèmi sì ń dán láìní àpá. Mo ní kó ya fọ́tò èyí tí wọn kò tíì tú. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e hunjọ ní igun, gọ́ọ̀mù sì yọ lára rẹ̀.

Ta ni mo jẹ́ tí n ó sọ fún ọ̀gá mi pé imú rẹ̀ tàn án jẹ?

Mo rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mẹ́ta sí i. Ẹ wo nọ́ńbà ìdí ìgò àti ti páálí wọn.”

Mo ń gbọ́ tí ọkùnrin náà ń kùn lórí fóònù pé a fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tú wọn. Kò sí ọ̀kan tó bára mu. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ìgò gidi ni, òfìfo tí wọ́n rà káàkiri ilé onílé. Wọ́n ṣí ọrùn rẹ̀, wọ́n rọ ayédèrú sí i, wọ́n tì í sínú páálí tó bá wà nílẹ̀. Èyí tí wọ́n fún un fín wò nìkan ni wọ́n fara balẹ̀ fi sínú páálí tirẹ̀.

Ó ní òun tún gbóòórùn ẹ̀yìn ọwọ́ tí òun fín in sí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òórùn náà ti lọ, bẹ́ẹ̀ ojúlówó kì í yára lọ. Mo rò pé inú ń bí i sí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ọkùnrin náà pé, “Kó ẹrù ẹ. Àbúrò mi ló wò ó láti Ọ̀yọ́. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́.”

Orí mi wú. Kò fi ìdí ìgò kankan hàn mí rí láyé, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn.