Ìgò Bàbá Philemon Kò Jò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àárẹ̀ ṣe ń jókòó, ẹ wo Bàbá Philemon lórí àpótí rẹ̀ nínú láàbù físíìsì wa ní Òkìtìpupa. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń tọ́jú irinṣẹ́ ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìntì. Láti Òde-Ayé ló ń gun ọ̀kadà wá lójoojúmọ́, orúnkún rẹ̀ á sì ti máa dún kó tó wọlé. Mo máa ń bi í pé ṣé orúnkún ni àbí ilẹ̀kùn ló dún yẹn. Á ní, "Jésùtómi, fi mí sílẹ̀," á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tún gbé ẹrù lé lórí.

Ohun tó ń kẹ́ jù nínú láàbù ni ìgò gíláàsì ńlá kan tó so mọ́ ọ̀pá gíláàsì tí òróró wà nínú rẹ̀. Tí a bá fún gáàsì sínú ìgò náà, òróró á gòkè. A ó dúró kí ooru rẹ̀ bá ti yàrá dọ́gba, a ó sì ka gíga òróró. A ó wá ṣí ìdérí fìrí, a ó tún dé e. Gáàsì tó fẹ̀ lójijì á tutù. Bó bá ṣe ń móoru padà, òróró á tún gòkè díẹ̀. Nínú gíga méjèèjì yìí la ti ń ṣírò nọ́ńbà kan tó ń sọ bí gáàsì ṣe ń gba ooru mọ́ra tó. Iṣẹ́ àṣekágbá mi nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ lásán la kọ́kọ́ lò. Òróró gòkè dé ogún sẹ̀ǹtímítà, lẹ́yìn náà ó dé 5.7. Ìdáhùn jẹ́ 1.40, bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó wá kan kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì. Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu wá láti oko. Gáàsì tó ń hó jáde lára ẹmu náà la fi omi fọ̀, tí a mú kó gbẹ, tí a fi kún rọ́bà inú bọ́ọ̀lù. Ogún, lẹ́yìn náà 4.6. Ìdáhùn jẹ́ 1.30. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ṣe é, kò yí padà.

Mo ti ka iye ọ̀nà tí mólékù rẹ̀ lè gbà rìn: ó lè sáré síhà mẹ́ta, ó lè yí lọ́nà méjì, ó di márùn-ún, bíi ti afẹ́fẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ 1.40. Mo bá ní ìgò ló jò. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láàbù wa ló mọ àṣà ibẹ̀: nọ́ńbà tó bá kọ̀, wọ́n á sè é. Mo sè tèmi. Mo sọ 4.6 di 5.7.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Dókítà Agatha tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wọlé pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Ó ní nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì rárá, afẹ́fẹ́ ló wọnú ìgò. Ó ní irinṣẹ́ náà ti gbó, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ fún kíkó dànù, kí olùdánwò láti ìta má bàa rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Philemon dìde lórí àpótí rẹ̀ díẹ̀, ó tún jókòó. Ó kàn wo ìgò yẹn, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n náà ló ń kà.

Ó fa ìwé pélébé kan jáde nínú àpò rẹ̀. Kò sí ohun tí ìgò sọ rí tí kì í kọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bírò ló sì máa ń lò, kì í lo pẹ́ńsùlù. Kò tíì ṣí i tó fi yíjú sí mi.

"Jésùtómi, mélòó ni ìgò sọ?"

Ẹnu mi tó máa ń yá wúwo. "4.6 ni, Bàbá. Èmi ni mo yí i. Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà mà, ìgò ò jò."

Dókítà gba ìwé náà, ó ka nọ́ńbà máràárùn-ún, ó mí kanlẹ̀. Mo ní kí ló wá dé tí ìṣirò mi fi sọ pé 1.40 ló yẹ kó jẹ́. Ó ní kí Bàbá dá mi lóhùn, nítorí òun gan-an, ọwọ́ Bàbá lòun ti kọ́ ọ.

Bàbá fi ọwọ́ ti tábìlì dìde. Ó ní gbogbo ọ̀nà tí mólékù lè gbà rìn tó bá là ló ń gba ìpín ooru kan náà. Ó rìn díẹ̀, ó yí díẹ̀. "Èyí tí o kà nìyí. Ṣùgbọ́n ó tún ń gbọ̀n." Ó mi ìdí bí ìgbà tí wọ́n ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, orúnkún dún, ó dúró. "Ti náítírójìn inú afẹ́fẹ́ le, ooru yàrá yìí ò lè jí i. Ti kábọ́ọ̀nù yìí rọ̀, ó ń tẹ̀ láàárín, ó jí díẹ̀, bíi tèmi yìí. Díẹ̀ yẹn náà ń gba ooru pamọ́. Tí o bá ṣí ìdérí, ó ń dá a padà, gáàsì ò tutù púpọ̀ mọ́, òróró ò ga tó ti afẹ́fẹ́."

Ó jókòó wọ̀ọ̀.

Dókítà ní ìgò ò ní kúrò níbẹ̀. Èmi ní tèmi, kí n tún gbogbo iṣẹ́ náà kọ láti ojú ewé kìíní, kí n sì kọ síbẹ̀ pé mo sè é tẹ́lẹ̀. Ó jáde.

Bàbá ní kí n fọ ìgò náà, kí n má fi òróró ṣòfò. Mo fọ̀ ọ́. Mo bi í pé ṣé ijó ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ti òní ló pa orúnkún náà. Ó ti sùn lórí àpótí, ìwé pélébé náà wà láyà rẹ̀. Mo gbé ìgò sí àyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó má bàa jí.