Ààrò Onígi Tí Kò Sí Mọ́

Ìwé tó ní kí ìyá oníbúrẹ́dì tún ìnṣọ́ránsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe fi ìdajì lé owó tó ń san tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kó lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn tó dínwó, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í sanwó bí omi bá ya wọlé. Ó tún ìwé náà kà, ló bá rí "ààrò onígi" níbẹ̀. Ó pe alágbàtà wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ààrò oníná la ń lò báyìí."

Wọ́n wá wò ó, wọ́n sì dá owó náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń buwọ́ lùwé ni ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ojú ẹ mà ń ríran o."