Ìlà tí Mọ́yọ̀ọ̀lá Pa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni Mọ́yọ̀ọ̀lá fi ń jẹun, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Obìnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá-bàbá rẹ̀ ti wá tẹ̀dó sí Kánò, wọ́n bí i sí àdúgbò Noman's Land níbẹ̀, kò sì mọ ìlú mìíràn tó lè pè ní ilé. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti ń kọ́mọ tó kógbá sílé. Láti ìgbà náà, ó ń bá àwọn tó ń tajà lórí fóònù kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ àwòrán ọjà, èyí tí oníbàárà máa kà kó tó pinnu bóyá òun á rà á tàbí òun á kọjá lọ.

Àga rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ṣìkẹ́mi ní France Road, ní Sábó Gàrí, láàárín àpò jéró méjì àti fáànù kan tí kì í yí orí. Àǹtí Ṣìkẹ́mi ń ta ògì jéró gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá. Nígbà tí Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ́kọ́ débẹ̀, ohun tí ìyá náà fúnra rẹ̀ kọ sábẹ́ ọjà ni pé: "Ògì aláìlẹ́gbẹ́, tí a fi ìmọ́tótó àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run ṣe." Ta ló fẹ́ fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run wá ògì lórí fóònù? Ọjà náà jókòó síbẹ̀, kò ta.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ò bá a jiyàn. Ó kó gbogbo ohun tí àwọn tó ti rà á ti kọ sílẹ̀ jọ, igba àti méjìlá ni, ó sì tò wọ́n sí ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹnìkan lórí ìlà kan. Ó kà wọ́n tán pátá. Bó ti ń kà á, ó ń fa gbólóhùn tí wọ́n ń tún sọ yọ, ó sì ń ṣírò iye èèyàn tó sọ ọ́. Àwọn mọ́kàndínlógójì ló sọ, lóríṣiríṣi ọ̀nà, pé kì í di kókó. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ọmọ àwọn ń mu ún láìsunkún. Kò sẹ́ni tó pè é ní aláìlẹ́gbẹ́. Ó wá mú ọ̀rọ̀ wọn gan-an, ó fi ṣe ìlà àkọ́kọ́: "Ògì tí kì í di kókó, tí ọmọ ń mu láìsunkún." Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ti rà á fi ń yìn ín ni ẹni tó fẹ́ rà á fi ń wá a. Láàárín oṣù méjì, ọkùnrin alálùpùpù tó ń gbé ọjà lọ fún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Àǹtí Ṣìkẹ́mi ń pè é ní "ọmọ mi" lójú gbogbo ayé.

Oríyìn yẹn ló kó bá a. Nígbà tó tún kó ọ̀rọ̀ oníbàárà jọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti yá a lára jù. Kò ka gbogbo rẹ̀ tán mọ́, ó kàn ní kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù jáde. Ó rí "kò sí ẹ̀pà ńbẹ̀" lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mẹ́wàá nínú wọn, adùn ni wọ́n ń sọ: wọ́n ti mu ògì àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n po ẹ̀pà mọ́, kò sì wù wọ́n. Ẹnìkan ṣoṣo ló kọ ọ́ pé ẹ̀pà kì í bá ọmọ òun lára mu, àmọ́ ó mu èyí, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mọ́yọ̀ọ̀lá po mẹ́wàá àti ọ̀kan pọ̀, ó kọ ọ́ báyìí: "Kò sí ẹ̀pà ńbẹ̀ rárá. Ó dára fún ọmọ tí ẹ̀pà kì í bá lára mu."

Kò bi Àǹtí Ṣìkẹ́mi. Èyí tó wá burú jù ni pé kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni. Ó mọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ògì náà. Láti kékeré ló ti ń ru jéró lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni ti gbogbo àdúgbò: ẹni tó gbé ẹ̀pà wá, wọ́n á lọ̀ ọ́ fún un, ẹni tó gbé jéró tẹ̀ lé e, wọ́n á da tiẹ̀ sí i. Ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ tó bá jáde ló máa ń gbá èyí tó kù nínú ẹ̀rọ jáde, Málàm tó ni ẹ̀rọ náà á sì dà á padà sínú ìyẹ̀fun oníǹkan, torí pé kò sẹ́ni tó ń da oúnjẹ nù. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní Kánò, ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀pà jẹ ẹ̀kọ, jẹ gàrí, jẹ ẹran, ta ló máa ń ronú pé ẹ̀pà lè pa èèyàn?

Ọjọ́ Ajé ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bushrat, ará àdúgbò Brigade, ló kọ ọ́. Ramlat ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, mu ògì náà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ètè rẹ̀ wú, nǹkan yọ sí i lára, ọ̀fun rẹ̀ dí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní ọsibítù ni Ọlọ́run fi dá a sí. Bushrat ò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ẹ fi ẹ̀pà sí i ni?"

Kí Mọ́yọ̀ọ̀lá tó dáhùn, ó kọ́kọ́ lọ pa ìlà yẹn rẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ọmọ mìíràn má baà kó sí i ni, òótọ́ sì ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tó mú ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ èsì: "A ò fi ẹ̀pà sí i ma. A bá yín kẹ́dùn o, Ọlọ́run á wo ọmọ sàn." Ó gbé fóònù dojú délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí Ṣìkẹ́mi bá ti pè é ní "ọmọ mi", ṣe ló máa ń wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ní ọ̀sán gangan, Bushrat fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ètè ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí Ṣìkẹ́mi.

"Ẹ kú ọjà ma. Sannu da aiki. Ẹ má bínú, mi ò wá jà."

"Kí ló dé, ọmọ mi? Dìde, jókòó."

"Èmi ni mo ra ògì yín fún ọmọ yìí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Wallahi, mo rò pé mo kà á níbẹ̀ pé ọmọ tí ẹ̀pà kì í bá lára mu lè mu ún. Àmọ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi ní kí n fihàn wọ́n, a wá a, a wá a, kò sí níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dunni ju ẹkún lọ. "Wọ́n ní ṣe ni mo ṣì í kà. Wọ́n ní mi ò mọ ọmọ tọ́. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kàn fẹ́ bi yín, kí ọkàn mi lè balẹ̀: ṣé ẹ kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí?"

"Èmi kẹ̀?" ni Àǹtí Ṣìkẹ́mi wí. Kò purọ́, kì í ka ohun tí Mọ́yọ̀ọ̀lá bá kọ. "Òní kọ́ là ń ṣòwò ní Sábó Gàrí yìí. Mọ́yọ̀, ṣé a kọ nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Ìtìjú bo Mọ́yọ̀ọ̀lá látorí dé ẹsẹ̀. "Rárá" péré ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí. Ìyá kan á padà sí Brigade, á gbà títí ayé pé àìmọ̀wéékà òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ òun. Ramlat yọjú láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ń wo fáànù.

"A kọ ọ́," ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ó ní láti tún un sọ. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ ò ṣi nǹkan kan kà. Ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yín dé ni mo pa á rẹ́. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́, mo kàn gbé ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀. Inú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀pà, mo sì mọ̀."

Àǹtí Ṣìkẹ́mi jókòó sórí àpò jéró. Bushrat ò pariwo. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà kan, ó gbé ohùn rẹ̀ síta, ó sì nà án sí Mọ́yọ̀ọ̀lá. "Ìyá ọkọ mi ni. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi."

Mọ́yọ̀ọ̀lá sọ ọ́. Àwọn méjì tó wọlé wá ra nǹkan dúró, wọ́n ń gbọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lédè Yorùbá, ìyá àgbà náà ní kó tún un sọ lédè Haúsá kí ọkọ Bushrat tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lè gbọ́ ọ dáadáa, ó sì tún un sọ. Ojú tì í ju bó ṣe rò pé ojú lè tini lọ. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà náà ní, "Bushrat, máa bọ̀ nílé, ọmọ mi," ni Bushrat bá bú sẹ́kún.

Nígbà tí Bushrat nu ojú rẹ̀ tán, Mọ́yọ̀ọ̀lá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ ìkìlọ̀ sábẹ́ ọjà náà, sí ìlà àkọ́kọ́ pàápàá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí òun kọ ọ́ síbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ẹni tó rà á ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbọ́.

Bushrat gbé ọmọ rẹ̀ sọ sókè lẹ́yìn, ó so ọ̀já rẹ̀ le.

"Rárá o," ni ó wí. "Ẹ ti kó ọ̀rọ̀ wa tó. Ẹ fi tiyín kọ ọ́."

Ó lọ. Mọ́yọ̀ọ̀lá padà sórí àga rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé ọjà náà. Igba ìlà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó kún fún ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè mú lò. Ó pẹ́ kó tó tẹ ọ̀rọ̀ kan. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni "Èmi."