Àjíbíkẹ́ Kò Ṣi Pásíwọ́ọ̀dù Tẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìjà Àjíbíkẹ́, kó kàn sọ fún un pé ó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Láti ìgbà táípùráítà ló ti ń tẹ̀wé, nígbà tí àṣìṣe kan ṣoṣo tó láti ba odindi ojú ìwé jẹ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti jẹ́ akọ̀wé iléèwé gírámà aládàáni kan ní Mowe. Ibafo ló ń gbé, ojoojúmọ́ ló sì ń gba inú eruku wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n eruku kì í bá bàtà rẹ̀ dé ìdí tábìlì. Àkísà kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó jẹ́ ti bàtà nìkan. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Dádì tó dá iléèwé náà sílẹ̀ ti kú láti oṣù méje sẹ́yìn. Olúfúnṣọ́ ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì ní Èkó, wá ń ti ọ̀nà jíjìn bójú tó nǹkan. Lọ́jọ́ Ajé, Olúfúnṣọ́ jókòó sí Èkó, ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn tọ́jú ímeèlì iléèwé, ó sì yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ ti pẹ́ jù. Ó fi tuntun ránṣẹ́ sí Àjíbíkẹ́ lórí Wásáàpù. Àjíbíkẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, lẹ́tà wọlé, ó rò pé ó parí síbẹ̀.

Kò parí. Kó tó di ọ̀sán, àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ó tẹ̀ ẹ́. Àpótí náà wọlé, ó sì tún jáde. Ó tún un tẹ̀. Ó tún jáde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, á gbà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kí Àjíbíkẹ́ tó mu tíì rẹ̀ tán, àpótí ti padà dé. Ó wá dà bí ọlọ́jà tó ta nǹkan fún ọ tán, tó tún ń ní o ò tíì sanwó.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá di egbò. Mọ́láyọ̀, ọmọ tó jáde níbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì kan lókè òkun. Yunifásítì náà ní kí iléèwé fìdí èsì ìdánwò rẹ̀ múlẹ̀, láti ojúlé ímeèlì iléèwé gan-an, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí. Bí aago mẹ́rin bá kọjá, wọ́n á fi àyè náà fún ẹlòmíì. Ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí lẹ́tà. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kò kàn lè jáde ni.

Àjíbíkẹ́ pe Olúfúnṣọ́. Ohùn ọmọkùnrin náà tutù bí ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

“Àǹtí Àjíbíkẹ́, T yẹn, lẹ́tà ńlá ni o. Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́.”

Inú bí i. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù náà síbi tí ojú ti lè rí i, ó kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú àpótí. Àpótí kọ̀. Ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ojúlé ímeèlì náà fúnra rẹ̀. Ìyẹn náà kọ̀. Mọ́láyọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, ó kàn ń wo aago, ìyẹn gan-an ló ń dun Àjíbíkẹ́ jù. Ìbá sàn bó bá ń ráhùn.

Ibi tó ti ń làágùn ni Mọ́mì, ìyàwó Dádì, ti yọjú láti ọ́fíìsì kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ ni fóònù ọkùnrin náà ti wà lórí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀, tí wáyà iná kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mọ́mì ní láti ọjọ́ Ajé ni fóònù náà ò ti dún mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí lẹ́tà bá ti wọlé sí iléèwé, á dún, á wá dà bíi pé Dádì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àjíbíkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé òun á wò ó tó bá yá. Ta ni fóònù tí kò dún kàn lọ́jọ́ bí èyí?

Aago méjì kọjá kí Ṣàmsúdéènì, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ibafo, tí Àjíbíkẹ́ ti ránṣẹ́ pè, tó sọ̀ lórí ọ̀kadà. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ímeèlì náà, ó sì tẹ́tí títí. Wọ́n ní ẹnì kan ń fi pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ kanlẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, inú íńtánẹ́ẹ̀tì iléèwé gan-an ló sì ti ń wá. Bó bá ti kùnà lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa. Bó bá sì ti tì, kò sí pásíwọ́ọ̀dù tó máa gbọ́, títí kan èyí tó tọ̀nà.

“Ìyẹn ni pé mi ò ṣì í tẹ̀,” Àjíbíkẹ́ wí.

“Ẹ ò ṣì í tẹ̀ rárá, mà.”

Díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ ọn. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ pátápátá, wọ́n dúró. Ẹni tó wà lórí fóònù ní ó tún ti kanlẹ̀kùn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àjíbíkẹ́ wá rántí fóònù tí kò dún láti ọjọ́ Ajé, tí pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Aago mẹ́ta ti lù nígbà tí wọ́n wọ ọ̀dọ̀ Mọ́mì. Ṣàmsúdéènì na ọwọ́ sí fóònù náà, ó ní kí àwọn kàn pa á, kí gbogbo rẹ̀ tán. Mọ́mì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

“Ẹnikẹ́ni ò ní pa fóònù yìí.”

Ọ̀rọ̀ gbígbóná yí lẹ́nu Àjíbíkẹ́. Fún odindi ọjọ́ mẹ́rin ni nǹkan yìí ti ń sọ ọ́ di òpè, ọmọ kan sì wà níta tí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ ku wákàtí kan. Ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀.

“Mọ́mì, a ò ní pa á. Pásíwọ́ọ̀dù tuntun ni mo fẹ́ tẹ̀ sí i. Wọ́n yí i padà, Dádì ò mọ̀.”

Mọ́mì rọra gbé ọwọ́ kúrò. Àjíbíkẹ́ tẹ̀ ẹ́ síbi tí lẹ́tà ti ń wọlé, ó tún tẹ̀ ẹ́ síbi tí lẹ́tà ti ń jáde, T ńlá àti gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ṣílẹ̀kùn. Ó tan kọ̀ǹpútà, àpótí yọ fún ìgbà ìkẹyìn, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù, àpótí ò sì padà mọ́. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni lẹ́tà jáde.

Olúfúnṣọ́ pè. Ó ní ṣé wọ́n ti wá rí i pé T ńlá ni? Àjíbíkẹ́ ní àwọn ti rí i, ó sì pa ìpè náà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù, nǹkan kan dún ní ọ́fíìsì kejì. Àjíbíkẹ́ ò tíì ṣí èsì yunifásítì lójú kọ̀ǹpútà tí Mọ́mì ti jáde tòun ti fóònù, ó ń fà á mọ́ ojú rẹ̀ kó lè kà á. Ó ní wọ́n ti rí lẹ́tà gbà, wọ́n sì ń retí Mọ́láyọ̀.

Mọ́láyọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì, ó kọjú sí fóònù Dádì.

“Ẹ ṣé, sà,” ó wí.

Àjíbíkẹ́ tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe kan kọjá lójú òun gbọ́ ọ. Kò tún un ṣe.