Síńkì Tí Màmá Kò Yọ Lẹ́nu

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé oògùn tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, orí mi á gbóná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olóògùn ni mo ń bínú sí jù.

Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Treichville, ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọ̀fìnkìn mú un, ohùn rẹ̀ sì há, bẹ́ẹ̀ ohùn yẹn ló fi ń pe oníbàárà. Kó tó di ọ̀sán mo ti ra síńkì fún un, oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń fi sẹ́nu lá bíi súìtì. Màmá kò lè ka Faransé. Èmi tó rán lọ sílé ìwé ni mo máa ń ka gbogbo ìwé fún un, ìbáà ṣe ìwé iná, ìbáà ṣe ìwé mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Mo dúró láàárín àwọn aṣọ, mo ń ka ìwé pélébé inú páálí náà fún un ní Yorùbá. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bá bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí bó bá pẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Kó fi ẹyọ kan sẹ́nu ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kó jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀, kó má rún un. Kó má kọjá mẹ́fà lóòjọ́. Ibi tí mo kà dé nìyẹn tí obìnrin kan fi dé, tó ń béèrè pagne, aṣọ àǹkàrá. Mo rí ìlà tó kàn: kí wọ́n má ṣe lò ó ju ọjọ́ márùn-ún lọ. N kò kà á síta. Mo rò ó pé ta ni yóò máa lá oògùn lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá?

Ọ̀fìnkìn náà lọ ní ọjọ́ karùn-ún. Bóyá síńkì fi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gé e kúrú, bóyá kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan; ọ̀fìnkìn a máa lọ fúnra rẹ̀. Màmá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti rí oògùn tí kò ní jẹ́ kí ọ̀fìnkìn mú òun mọ́ láéláé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fúnra rẹ̀, mẹ́fà lóòjọ́, bí mo ṣe kà á fún un gẹ́lẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Mo ń rí i! Mo tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà tí ń jẹ súìtì.

Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ òun ń kú tipiri. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń di orí tábìlì aṣọ mú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un ní oògùn irin fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kò gòkè. Wọ́n tún fún un ní òmíràn. Inú ń bí mi, mo ń pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì, mo ń pariwo mọ́ awakọ̀ takisí.

Dókítà kẹta, obìnrin kan tí kò kánjú, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Maman, kí lẹ fi sẹ́nu?"

Màmá mú un jáde, ó fi hàn án tayọ̀tayọ̀.

Àyẹ̀wò jáde: bàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní ara nílò bàbà díẹ̀ kó tó lè fi irin ṣe ẹ̀jẹ̀, kí iṣan ìmọ̀lára àti ọ̀pá ẹ̀yìn sì lè ṣiṣẹ́. Bí síńkì bá pọ̀ jù lójoojúmọ́, awọ inú ìfun á ṣe ohun kan tí ń di síńkì mú. Ohun yẹn sì ń di bàbà mú ju síńkì fúnra rẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ awọ náà á ṣí, á bá ìgbẹ́ jáde tòun ti bàbà. Gbogbo bàbà tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ ń gba ibẹ̀ lọ.

Mo yíjú sí ìyá mi níwájú dókítà. "Màmá, ta ló ní kí ẹ máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé. "Ìwọ lo kà á fún mi. O ò kà á pé kí n dúró."

Ó dá síńkì dúró, wọ́n fún un ní bàbà. Láàárín oṣù méjì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ní iṣan lè má padà sípò tán, pé ká ṣáà máa retí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí lẹ́nu ọjà. Ó di apá mi mú, ó na ẹsẹ̀ kan síta, ó sì dúró.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀?"

"Ó ti kàn án, Màmá."

Kò wolẹ̀ wò. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì gbé èkejì.