Ìwé Tó Kọ́ Mi Ní Kọndẹ́ńsà

Títí di òní, bí mo bá rántí kíláàsì wa ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní Òkìtìpupa, òṣé ni mo máa ń kọ́kọ́ pa. Àwọn ọ̀lẹ pọ̀ níbẹ̀ ju àga lọ. Wọ́n ra kóòtù funfun, wọ́n wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé pé àwọn ti di onísáyẹ́ǹsì. Ẹ gbé búrẹ́ẹ̀tì àti pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì méjì tí a fi ń wọn omi, síwájú wọn, wọn ò mọ èwo ni èwo.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìdánwò ohun èlò máa ń wáyé. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú láàbù, Bàbá Láàbù ni gbogbo wa ń pè é. Á to ohun èlò onígíláàsì mẹ́wàá sórí tábìlì gígùn, á fi nọ́ńbà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. O máa dúró níwájú ẹyọ kan, o máa kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Tó bá ti lu aago, o bọ́ síwájú èyí tó kàn. Máàkì méjì ni ẹyọ kan. Ẹni tí kò bá gba mẹ́rìnlá nínú ogún, wọ́n á ní kó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe ìdánwò àṣewọlé kí n tó rí kẹ́mísírì gbà. Bí wọ́n bá lé mi, mi ò mọ ojú tí mo máa gbé wọlé bá ìyá mi ní Ìrẹ̀lẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n kíláàsì wa ṣe. Ọdọọdún ni Bàbá Láàbù máa ń to nǹkan wọ̀nyẹn bákan náà: búrẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́, fọ́nẹ́ẹ̀lì ni ìkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wa ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Ló bá di pé gbogbo kíláàsì ń há nọ́ńbà sórí. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí nǹkan náà ṣe rí. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, àwọn tèmi wá gbójú lé nọ́ńbà! Mo yínmú sí wọn títí imú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ mí.

Èmi ò há nọ́ńbà ní tèmi. Àwòrán ni mo mọ̀. Ní súkúù girama wa, àwòrán ńlá kan wà lára ògiri, gbogbo ohun èlò láàbù ló wà níbẹ̀. Àwọn ojúlówó gan-an wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tísà wa sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì, ó ní a óò fọ́ wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko, a ò rí inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Tísà radaràda! Ṣùgbọ́n mo mọ àwòrán náà bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wa tó wá láti Ìkọ̀yà. Ìyá rẹ̀ ń pọn ògógóró. Òun kì í há nọ́ńbà, kò sì ní àwòrán. Bí a bá ti jáde, ó máa dúró ti Bàbá Láàbù nídìí omi, á máa bá a fọ gíláàsì. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ ní “abáni-fọwo”, mo sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. A wọlé, ara gbogbo wa tutù. Bàbá Láàbù ti tún tábìlì tò! Bóyá ẹnì kan ló ta á lólobó, mi ò mọ̀. Kò sí ohun kan tó dúró. Ó tẹ́ gbogbo wọn sórí aṣọ funfun, ó sì yọ ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde kúrò lára èyí tó bá ní. Àwọn onínọ́ńbà kàn ń kọ ohun tó wà lórí wọn lọ ni. Ẹnì kan kọ fọ́nẹ́ẹ̀lì síwájú bíkà, ife gíláàsì lásán. Ẹ gbà mí!

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo dé iwájú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Nínú àwòrán mi, búrẹ́ẹ̀tì máa ń dúró ṣánṣán, ẹnu ẹ̀rọ á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí dùbúlẹ̀, kò ní ẹnu ẹ̀rọ. Mo pè é ní pípẹ́ẹ̀tì. Mo dé ọ̀dọ̀ pípẹ́ẹ̀tì gan-an, ó níkùn láàárín, ìlà kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí ọ̀pá tó wà nínú ọ̀pá, tó ní ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmú. Mo kọ búrẹ́ẹ̀tì. Mo tún ṣi ẹyọ kan pè, mo sì gba méjìlá.

Ọmọ Ìkọ̀yà gba mọ́kàndínlógún. Kò mọ orúkọ ọ̀pá inú ọ̀pá yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ iṣẹ́ rẹ̀: òoru á gba inú, omi tútù á wà lóde, òoru á sì di omi padà. Bàbá Láàbù kà á sókè fún wa, ó ní kọndẹ́ńsà ni orúkọ ọ̀pá náà. Ó ní àwọn tó gba mẹ́wàá sókè lè padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè fún ìbéèrè ẹyọ kan; kí àwọn yòókù máa lọ.

Ẹnu ta ni mo máa fi bẹ ọmọ Ìkọ̀yà? Ẹnu tèmi náà ni. Mo lọ bá a, mo ní, “Jọ̀ọ́, ràn mí lọ́wọ́.” Ó ní, “Abáni-fọwo, àbí?” Mo ní kó má bínú. Ó ní kí n wá sí Ìkọ̀yà ní Sátidé.

Mo lọ. Lábẹ́ àtíbàbà ìyá rẹ̀, dùrọ́ọ̀mù ń hó lórí iná, páìpù gba inú ọpọ́n omi kọjá, ògógóró ń kán sínú ìgò. Ìyá náà ti rọ́bà tó ń gbé omi wá bọ ìsàlẹ̀ ọpọ́n. “Omi tútù gba ìsàlẹ̀ wọlé,” ọmọ rẹ̀ ní, “èyí tó ti gbóná á gba òkè jáde. Ihò méjì ara kọndẹ́ńsà nìyẹn. Bó o bá gba òkè fún un lómi, kò ní kún dáadáa.” Ó tún mú igi, ó ya búrẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀: òdo wà lókè, nítorí ohun tó ti jáde là ń kà. Ìyá rẹ̀ bu iṣu àti ẹja fún mi. Mo jẹun tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Láàbù gbé kọndẹ́ńsà lé mi lọ́wọ́. “Kí ni èyí? Ibo ni omi máa gbà wọlé, kí sì nìdí?” Mo dáhùn ṣáṣá, kò yingin. Inú bàbá náà dùn. Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?”

Àwọn ọmọ kíláàsì wa wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́. Mo ní, “Ìwé ni mo kà, sà.”

Ọmọ Ìkọ̀yà wà nídìí omi lẹ́yìn mi, ó ń fọ bíkà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Ìwé yẹn ṣeun o. Ó tún bu iṣu fún ẹni tó kà á.”